Ẹ̀rí Inú Aṣọ: Bí A Ṣe Ń Ka Lébẹ́ẹ̀lì àti Síìpù Jákẹ́ẹ̀tì Olórúkọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, Paparanda, Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin tí Nupe, Ẹbira, Igala tàbí Hausa yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹni tó jókòó tì yín bá yín túmọ̀ ibi tó bá ta kókó. Mi ò ní sáré ọ̀rọ̀.

Àlejò lè béèrè pé kí ni jákẹ́ẹ̀tì òtútù ń wá ní ìlú tó gbóná tó báyìí. Kí ó bá ọlọ́kadà gun afárá odò ní aago márùn-ún ìdájí nínú oyẹ́, kò ní béèrè mọ́. Ọkọ̀ òru tó ń ti Lagos lọ sí Àbújá ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, èrò inú rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Ọmọ wa tó gba físà Kánádà tàbí Bìrìtìkó náà kò ní dúró dé ọ̀hún kó tó ra aṣọ òtútù. Níbí ló ti máa rà á, nítorí owó ọ̀hún ga. Ẹni yìí gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí pé òtútù tí ó ń lọ bá kò mọ orúkọ, ohun tó wà nínú aṣọ ló mọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Jákẹ́ẹ̀tì kan wà níwájú yín, orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà ní àyà rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú tó wà nínú ìhà rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, síìpù rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Èwo ni kí á gbà gbọ́, dé ibo sì ni kí á gbà á gbọ́ dé?

Èsì mi ni pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n nílé ẹjọ́, wọn kò sì dọ́gba. Lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ tirẹ̀, síìpù ló tẹ̀ lé e, ọrùn ló gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣí wò. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹ̀rí wọn lè dá jákẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò lè dá a láre. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ó tán. Bí wọ́n bá fẹnu kò, ohun tí a lè sọ kò ju pé a kò tíì rí àléébù lọ. Ọ̀nà yìí ni gbogbo àlàyé mi yóò máa gbà.

Ìpele kìíní: Kí là ń pè ní ojúlówó?

Bí oníṣòwò bá lu aṣọ lọ́wọ́ tó ní "ojúlówó rèé," ohun mẹ́ta ló lè ní lọ́kàn. Ó lè ní aṣọ náà lágbára. Ó lè ní òkè òkun ló ti wá. Ó sì lè ní ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ ara rẹ̀ ló rán an, tàbí òun ló gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó rán an. Ìtumọ̀ kẹta yìí nìkan ni mo ń lò lónìí.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí pé aṣọ tó lágbára lè jẹ́ ayédèrú. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè rán jákẹ́ẹ̀tì tí yóò lo ọdún mẹ́wàá, kí ó wá fi orúkọ ẹlòmíràn lé e. Aṣọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá náà lè jẹ́ ayédèrú, nítorí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń ra ayédèrú bíi tiwa. Bó bá sú wọn, wọ́n á jù ú sínú àpótí ìtọrẹ, bélì á sì gbé e wá bá wa. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "inú bélì Yúkéè ni mo ti mú un," ó ti sọ ọ̀nà tí aṣọ náà gbà wá, kò tíì sọ ẹni tó rán an.

Ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni ti bá wa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Aṣọ àlòkù wà lára ohun tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó wọlé. Síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnù wọlé, ó ń dé Katangúwà ní Lagos, ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjà tí òfin ní kò gbọdọ̀ wọlé kò ní ọ́fíìsì tí yóò ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni tó ń rà á ló máa kà á.

Oríṣi aṣọ méjì kan wà tí ojú máa ń fò dá. Àkọ́kọ́ ni ojúlówó tí wọ́n ti tún ṣe: síìpù rẹ̀ bàjẹ́, òbíọ́má fi òmíràn sí i. Ojúlówó ṣì ni. Èkejì ni ojúlówó tí kò jọ èyí tí ojú wa mọ̀. Ẹ wo The North Face, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1966. Ní Jàpáànù, ilé-iṣẹ́ Goldwin ló ni ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ yẹn; ní Kòríà, Youngone ló ń ṣe é. Aṣọ wọn ní lébẹ́ẹ̀lì tó kún fún lẹ́tà Jàpáànù tàbí ti Kòríà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè kà. Mo ti rí i tí wọ́n ta irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé "Ṣáínà kọ nǹkan sí i lára." Ẹni tó rà á lọ́jọ́ náà rérìn-ín délé.

Ìpele kejì: Ọrùn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Lébẹ́ẹ̀lì ọrùn ni ojú olùrà ń kọ́kọ́ bà, nítorí náà ibẹ̀ ni aṣayédèrú ń náwó sí jù. Ẹni tó ń hun lébẹ́ẹ̀lì lè hun orúkọ yòówù tí ẹ bá kọ fún un, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ kì í sì í wọ́n. Bí ìhun rẹ̀ bá le, tí lẹ́tà kékeré inú rẹ̀ ṣe kedere, tí etí rẹ̀ kò sì tú, ó dára. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì la yìn yẹn, a kò tíì yin jákẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ọrùn lè bá wa sọ ni bóyá wọ́n ti ṣí lébẹ́ẹ̀lì nípò. Àwọn kan máa ń tú lébẹ́ẹ̀lì ojúlówó kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì tó ti ya, wọ́n á rán an mọ́ èyí tí kò lórúkọ. Ẹ tẹ ọrùn náà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ihò abẹ́rẹ́ kan tò yí lébẹ́ẹ̀lì ká níbi tí òwú kankan kò gbà kọjá mọ́. Lébẹ́ẹ̀lì mìíràn ti wà níbẹ̀ rí nìyẹn, ó sì tóbi ju èyí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọrùn sí òde. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń rán lébẹ́ẹ̀lì mọ́ aṣọ inú kí wọ́n tó pa inú àti òde pọ̀, òwú rẹ̀ kì í sì í yọ sí ẹ̀yìn ọrùn lóde. Bí òwú bá yọ síta, ẹ béèrè ẹni tó rán an. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú: òógùn ọrùn ń bá aṣọ àti lébẹ́ẹ̀lì jà pọ̀ ni. Bí ọrùn bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí lébẹ́ẹ̀lì ṣì funfun bí ẹyin, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìpele kẹta: Lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú ni ewé aṣọ funfun tàbí dúdú tó máa ń há sínú ojú ìrán ní ìhà, lọ́pọ̀ ìgbà ní apá òsì, tí ó ń rìn wá lára tí a fi ń gé e sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun gígé e.

Ìdí méjì ni mo fi gbé e ga. Ìkíní ni ibi tó wà. Nígbà tí wọ́n ń pa ìhà jákẹ́ẹ̀tì pọ̀ ni wọ́n ti há a sí àárín, ojú ìrán kan náà ló di aṣọ àti lébẹ́ẹ̀lì mú. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láì tú ìhà náà, ìtúnrán sì máa ń hàn: òwú yóò yàtọ̀, ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ yóò gùn tàbí kúrú ju ti ìyókù lọ. Ìkejì ni pé òfin ló ń fi dandan mú ohun tí a kọ sí i, kì í ṣe ìpolówó. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí aṣọ sọ ohun tí wọ́n fi hun ún, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rán an, àti ẹni tó ni ọjà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni òfin mìíràn ti ní kí ó sọ bí wọn yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Nílẹ̀ Yúróòpù, ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ni dandan. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rán an kì í ṣe dandan. Nítorí náà, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù tí kò sọ ibi tí wọ́n ti rán an kò ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kà á láti òkè. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdá ọgọ́rùn-ún. Jákẹ́ẹ̀tì ní òde, ó ní inú, ó lè ní ohun tí wọ́n kì sí i láàárín. Ìlà ìlà ni wọ́n ń kọ wọ́n, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ pé 100. Mo ti rí èyí tó kọ 65 àti 45 sí ojú kan. Lébẹ́ẹ̀lì kan náà lè wà ní èdè méje, ẹ kò sì nílò láti gbọ́ ọ̀kankan: iye inú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba láti èdè kan sí èkejì. Ẹ kàn máa ṣọ́ra, ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ń pè ní pọ́líámáìdì. Wọn kò ta ko ara wọn, nǹkan kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àwòrán. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Páríìsì ní 1963, GINETEX, ló so àwọn àwòrán yìí pọ̀, wọ́n sì wọnú ìlànà àgbáyé tí à ń pè ní ISO 3758. Abọ́ omi ni fífọ̀, iye inú rẹ̀ ni ìgbóná omi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Onígun mẹ́ta ni híípò, bí wọ́n bá fà á kọjá, ẹ má fi híípò sí i. Onígun mẹ́rin ni gbígbẹ, bí òbìrí bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni. Òbìrí lásán ni ti àwọn afọṣọ tó ń lo kẹ́míkà. Áyọ́ọ̀nù ni áyọ́ọ̀nù, àmì tóótòòtó inú rẹ̀ sì ni ìgbóná: ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ju 110 digírì lọ, méjì kò gbọdọ̀ ju 150, mẹ́ta kò gbọdọ̀ ju 200.

Àmì tóótòòtó yìí ni mo fẹ́ràn jù. Mẹ́ta wà fún òwú àti línẹ́ẹ̀nì. Náílọ́ọ̀nù kò lè gba bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dé 200 ni yóò ti súnkì, tí yóò lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá wá kọ náílọ́ọ̀nù sí ìlà òkè tó sì ya áyọ́ọ̀nù onítóótó mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ka ohun tó tẹ̀. Ó ṣe àdàkọ òkè láti ara jákẹ́ẹ̀tì, ó ṣe àdàkọ ìsàlẹ̀ láti ara ṣẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ láti pàdánù kì í ṣe irú rẹ̀, nítorí pé oníbàárà tí áyọ́ọ̀nù bá ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ yóò gbé lébẹ́ẹ̀lì náà padà wá gba owó rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ni nọ́ńbà wà. RN ni nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta aṣọ, kí ó má baà kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí lébẹ́ẹ̀lì. CA ni ti Kánádà. Ti The North Face ni RN 61661, ti Patagonia ni RN 51884, ti Columbia ni RN 69724, ti Carhartt ni RN 14806. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè tẹ `rn.ftc.gov`, kí ó fi nọ́ńbà sí i, orúkọ ẹni tó ni ín yóò jáde, kò sì gba kọ́bọ̀. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá pe ara rẹ̀ ní Patagonia tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń ta pátá ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nọ́ńbà tó bá dọ́gba kò fi nǹkan kan hàn. Gbogbo ayé ló mọ 61661, aṣayédèrú náà mọ̀ ọ́n, òun ló sì kọ́kọ́ ń tẹ̀. Àìsí nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀sùn, nítorí ẹni tó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún kò nílò RN, aṣọ tí wọn kò sì ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Nígbà mìíràn, orúkọ tó jáde yóò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìyá tó ra orúkọ náà tàbí ti ẹni tó gba àṣẹ rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pariwo. Nọ́ńbà náà ń sọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Kò sọ ọdún tí wọ́n rán aṣọ, bí àwọn kan ṣe ń gbé e kiri.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún, ọ̀rọ̀ òfin inú lébẹ́ẹ̀lì sàn ju nọ́ńbà lọ. Àpẹẹrẹ kan tó. Láti oṣù karùn-ún 2012 ni òfin Yúróòpù ti ní kí aṣọ tó ní awọ, irun tàbí ìyẹ́ kọ gbólóhùn kan tó sọ pé ohun kan wà lára rẹ̀ tó ti ara ẹranko wá. Bí ẹ bá rí gbólóhùn yẹn ní èdè bíi mẹ́wàá lára jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún yín bí ohun àtijọ́ ti 1995, tí wọ́n sì tìtorí ọjọ́ orí gbé owó lé e, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ìpele kẹrin: Síìpù

Nínú gbogbo ohun tí à ń sọ ní ọjà, èyí tó gbilẹ̀ jù ni pé "YKK ló wà lára rẹ̀, ojúlówó ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo wá bá jà lónìí.

YKK ni ilé-iṣẹ́ síìpù tí Tadao Yoshida dá sílẹ̀ ní Tokyo ní 1934. Àwọn ló ń ṣe síìpù jù lágbàáyé. Kò rán jákẹ́ẹ̀tì fún yín. Síìpù ló ń tà, ó sì ń tà á fún ẹni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Aṣayédèrú lè lọ sọ́jà kó ra YKK gidi, kí ó rán an mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, síìpù jẹ́ ojúlówó, jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ ayédèrú, ẹlẹ́rìí yìí kò sì parọ́: orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló sọ. Ní ìdàkejì, jákẹ́ẹ̀tì gidi lè ní síìpù Talon ti Amẹ́ríkà, Riri ti Switzerland, Lampo ti Ítálì tàbí SBS ti Ṣáínà. Ẹni tó bá jù wọ́n sílẹ̀ torí pé wọn kì í ṣe YKK ti ju owó nù.

Kí wá ni síìpù lè sọ? Ẹ yí orí síìpù síta kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iye kan sábà máa ń wà níbẹ̀, bíi 3, 5, 8 tàbí 10. Ìwọ̀n síìpù ni, ó sún mọ́ ìbú eyín rẹ̀ ní mìlímítà nígbà tí wọ́n bá ti pa á dé. Bí orí bá kọ 5 tí eyín rẹ̀ fẹ̀ bí ìka ìlábẹ̀, orí àti eyín kò ti ilé kan náà wá. Ó lè jẹ́ pé òbíọ́má ló pààrọ̀ orí, èyí kò sì burú. Ẹ wo òwú tí wọ́n fi rán tépù síìpù mọ́ aṣọ. Bí òwú náà bá bá ti ìyókù aṣọ mu, tí wọn kò tú u rí, orí nìkan ló yí. Bí wọ́n bá ti tú u, gbogbo síìpù ló yí, ẹ yọ ẹlẹ́rìí yìí kúrò nínú ẹjọ́, kò mọ nǹkan kan nípa ẹni tó kọ́kọ́ rán jákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa pẹ̀lú. Mo ti rí YYK, mo ti rí YKX, mo sì ti rí èyí tí K kejì rẹ̀ rọ bí ẹ̀kọ. Ayédèrú síìpù ló kúkú ń dá jákẹ́ẹ̀tì lẹ́bi jù, torí pé ilé-iṣẹ́ ńlá lè yan síìpù olówó pọ́ọ́kú, kò ní yan èyí tó ń jí orúkọ ẹlòmíràn. Ìdánwò kan sì wà tí ọwọ́ lè ṣe. Lára ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì, orí síìpù ní ìkọ́ kékeré nínú tó ń tì í pa. Ẹ gbé síìpù dé àárín àyà, ẹ tẹ ìfà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sùn pẹrẹsẹ, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ya aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì. Orí tó dára kò ní yẹ̀. Èyí tó bá yọ́ wálẹ̀, bóyá ó ti gbó tàbí kò tilẹ̀ ní ìkọ́. Lójú òpópónà Àbújá lórí ọ̀kadà, abájáde méjèèjì dọ́gba.

Ìpele karùn-ún: Ẹjọ́ kan

Ẹ jẹ́ kí á dá ẹjọ́ jákẹ́ẹ̀tì kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan gbé wá bá mi kí ó tó lọ sí òkè òkun. Dúdú ni, ó wú bí tìmùtìmù, The North Face wà ní àyà rẹ̀, 700 sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun. Iye 700 yìí ní ìtumọ̀. Ìwọ̀n ìyẹ́ ni: ìyẹ́ tó wọn áúńsì kan, bíi gíráàmù 28, yóò wú títí yóò fi gba àyè kúbíìkì íńṣì 700, ìyẹn lítà mọ́kànlá àti àbọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ìyẹ́ dì mú yẹn ló ń gbani lọ́wọ́ òtútù.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú. RN 61661. Ó tọ̀nà. Inú ọ̀dọ́kùnrin náà dùn, mo ní kó fara balẹ̀. Mo wo síìpù: YKK, lẹ́tà rẹ̀ jinlẹ̀, 5 wà lẹ́yìn rẹ̀, eyín rẹ̀ bá a mu, ìkọ́ rẹ̀ dúró. Síìpù gidi ni. Ọrùn: ìhun rẹ̀ dára, òwú kò yọ síta, ihò àtijọ́ kò sí. Bó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe lọ́jà la ṣe, ẹjọ́ ti parí síbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì ti jàre.

Mo wá gòkè sí ìlà ohun tí wọ́n fi ṣe é. Òde, náílọ́ọ̀nù 100. Inú, náílọ́ọ̀nù 100. Ohun tí wọ́n kì sí i, pọ́lísítà 100. Ẹ padà wo òwú funfun tó kọ 700. Ìyẹ́ ni wọ́n ń fi 700 wọ̀n, lébẹ́ẹ̀lì sì ní kò sí ìyẹ́ kankan nínú rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì onípọ́lísítà tó jẹ́ ojúlówó pọ̀ láyé, ti ilé-iṣẹ́ yìí náà wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ìwọ̀n ìyẹ́ sí ara ohun tí kò ní ìyẹ́. Mo wo àwòrán: áyọ́ọ̀nù, tóótó mẹ́ta, lára náílọ́ọ̀nù. Mo wo èdè kejì, Faransé: níbẹ̀, pọ́líámáìdì òde ti di 80, ìyókù kò sí níbì kankan.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ohun mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń wò ló pé, torí pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé àwọn ni a ó wò. Ibi tó rò pé kò sẹ́ni tí yóò kà ló ti já. Ìdí tí mo fi ní ọrùn ló gbẹ̀yìn nìyí, òun náà ni ìdí tí mo fi ní ìfẹnukò kò lè dá aṣọ láre: ká ní ó rọra ka ìlà mẹ́ta yẹn kí ó tó tẹ̀ ẹ́, èmi àti lébẹ́ẹ̀lì kò ní lè mú un, yóò ku kí a fọwọ́ tẹ inú aṣọ kí a wá egungun ìyẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bi mí bóyá kó dá a padà. Mo bi í iye tó rà á. Owó tó san kò ju ti jákẹ́ẹ̀tì pọ́lísítà tó dára lọ, òun gan-an ló sì rà. Mo ní kó mú un lọ, kó máa wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án, kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé e ní oṣù kìíní. Kó má tilẹ̀ tà á fún ẹlòmíràn bí The North Face, nítorí òfin àmì ọjà ti wà ní Nàìjíríà láti 1965, kò sì yọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tàn jẹ sílẹ̀ nígbà tí òun náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ń tan ẹlòmíràn jẹ.

Ìpele kẹfà: Bí wọ́n bá ti gé e ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń tú bélì máa ń bi mí jù. Wọ́n máa ń bá jákẹ́ẹ̀tì tí lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ ti di ìdajì, tí ṣísọ́ọ̀sì gbà láàárín, tàbí tí máàkà dúdú fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọjà tí wọ́n tà ní ẹ̀dínwó, kí ẹni tó rà á má baà gbé e padà wá gba owó tó pé. Bí lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú rẹ̀ bá ṣì wà ní ìhà, ẹ lọ kà á bí mo ti sọ.

Bí ti ìhà náà bá ti lọ, ẹ yẹ ojú ìrán wò. Kùkùté rẹ̀ máa ń kù síbẹ̀, bíi mìlímítà méjì, òun sì ni àmì pé ohun kan wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Bí kò bá sí kùkùté, bí kò bá sí ọrùn, tí síìpù sì jẹ́ èyí tí wọ́n pààrọ̀, kò sí ẹlẹ́rìí kankan mọ́. Ẹ ra aṣọ náà bí aṣọ tí kò lórúkọ, ẹ san owó aṣọ tí kò lórúkọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì iwájú yìí, kí ẹ yí inú wọn síta. Ti obìnrin tó wà ní apá ọ̀tún yẹn la ó fi bẹ̀rẹ̀.